Síìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà Gé

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti sísọ́ọ̀sì mi. Sísọ́ọ̀sì aṣọ ni. Aránṣọ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ kì í fi sísọ́ọ̀sì aṣọ gé bébà, ká má tíì wá sọ pé ike, torí ọjọ́ tó bá ti gé ike báyìí, ó ti di sísọ́ọ̀sì tó ń jẹ aṣọ dípò kó gé e. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀. Ọkọ mi mọ̀. Ewúrẹ́ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pàápàá mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà nìkan ni kò mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Etí títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló wà lápá ọ̀tún mi. Dókítà la ń pè é, torí bí èèyàn bá gbé fóònù wá, ohun tó máa kọ́kọ́ bi onítọ̀hún ni pé, "Kí ló ń ṣe é?" Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wá láàárín, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ lọ́dọ̀ ẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò ṣòfófó o. Etí ò kúkú ní ìdérí. Ní òdìkejì títì ni ọgbà Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà wà, òun àti iná rẹ̀ àti ariwo rẹ̀, níbi tó ti ń jó irin pọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà kì í lẹ bébà mọ́ géètì tó bá ṣe, kì í sì í fi ọ̀dà kọ nǹkan kan sí i. Nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ ló máa ń fi iná kọ sí igun ìsàlẹ̀, irin lórí irin, tó jẹ́ pé afọ́jú pàápàá lè fọwọ́ pa á kó sì kà á. Ó ní ọ̀dà á ṣí, bébà á ya, irin ni ò ní gbàgbé. Òótọ́ ló sì sọ. Ẹ rin àdúgbò wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ḿbà yẹn lẹ máa máa rí lẹ́sẹ̀ géètì, lábẹ́ irin fèrèsé, lára ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Bí ilẹ̀kùn bá wọ́, tàbí àgádágodo há, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á wo nọ́ḿbà, wọ́n á pè é. Kò ní pátákó ìpolówó. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì le. Nọ́ḿbà yẹn ló ń bá a wáṣẹ́.

Ẹ wá wò ó, fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó ń lò kó sínú korobá omi tó fi ń pa irin gbígbóná. Ó yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sóòrùn, kò jí. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílùú mìíràn ti fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí i, olójú gbàgàdà, tó ti wà nínú páálí láti ìgbà pípẹ́. Bó ṣe yọ síìmù kúrò lára òkú fóònù nìyẹn, tó mú un pẹ̀lú fóònù tuntun, tó sọdá sọ́dọ̀ Dókítà.

"Dókítà, bá mi ti síìmù yìí bọ inú èyí."

Dókítà yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. "Bàbá, káàdì yìí ti dàgbà o."

"Ṣé ọjọ́ orí ẹ̀ ni mo ní kó o bi í?"

"Ojú ihò tó máa wọ̀ nínú fóònù yìí ni mò ń wò. Ihò yẹn ò ju èékánná lọ. Káàdì tiyín fẹ̀, ó sì nípọn."

"Gé e nígbà náà. Ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gé e."

"A ní in. Àwọn tí wúrà ojú wọn, ibi tó ń dán yìí, kéré la fi ń gé. Ẹ wo tiyín." Ó ní láti jẹ́ pé ó gbé e sún mọ́ ọn lójú, torí mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ní òun kì í ṣe afọ́jú. "Wúrà yìí fẹ̀ ju ihò tó máa gbé e lọ, inú wúrà gan-an ni ọ̀bẹ máa gbà kọjá. Nígbà míì kì í ṣe nǹkan kan, torí gbogbo ìpín wúrà yẹn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, etí rẹ̀ á ká, ìpín kan á kan èkejì, ó parí. Bí ò bá tiẹ̀ kú, ó nípọn ju káàdì ayé ìsìnyí lọ. Ó lè há sínú fóònù, kó tẹ àwọn eyín tó ń kan wúrà wọ́. Àwọn káàdì àtijọ́ míì sì wà tó jẹ́ pé iná tí fóònù tuntun ń fún wọn ò tó wọn."

"Kí ló wá dé tó o fi ń pe ara ẹ ní dókítà?"

"Dókítà tó mọṣẹ́ ló ń mọ ìgbà tí kò yẹ kóun la inú aláìsàn."

Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pákó, Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà sì gbọ́. Ó ní, "Aránṣọ, tẹjú mọ́ aṣọ ẹ."

Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ó ní kó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á fún un ní káàdì tuntun tó máa wọ ihò yẹn wẹ́rẹ́, nọ́ḿbà rẹ̀ yẹn náà ló máa wà lórí ẹ̀. Ẹni tó ni ìlà fóònù á kàn tẹ̀ka síbẹ̀ ni. Ó ní kó tó lọ, kó fi káàdì àtijọ́ sílẹ̀ kí òun fi sínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan, kí òun da àwọn orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kọ, torí nọ́ḿbà nìkan ló ń wá sórí káàdì tuntun, orúkọ kì í bá a wá. Ó tiẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé kíákíá ló ń wá, òun lè fún un ní fóònù onítọ́ọ̀ṣì yẹn kó máa lò ó ná.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ní ọmọ òun ò fi fóònù olójú gbàgàdà ránṣẹ́ kí òun tún wá máa lo onítọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn oníbàárà ń fẹ́ rí fọ́tò géètì báyìí kí wọ́n tó gbéṣẹ́ fúnni. Lórí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò fèsì rárá.

Èmi mọ ìdí tó fi dákẹ́. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn lọ forúkọ ìlà fóònù sílẹ̀, ẹ̀rọ ò rí ìka Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà kà. Iná àti irin ti lá gbogbo ìlà ìka rẹ̀ tán, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. Wọ́n nù ún, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n dán àtàǹpàkò wò, wọ́n dán èyí tó kéré jù wò, pàbó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá ẹ̀, tó ń ṣe tíṣà, ló tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ náà. Òun ló ní, "Ẹ fi tèmi," tó na ọwọ́, tó sì fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, lójú ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Tíṣà ló ni ìlà. Kò sí wàhálà níbẹ̀ nígbà náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn mọwọ́ ara wọn, bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀ dé àárín, èkejì á parí ẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọkọ Tíṣà kọ́lé, Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà sì ṣe géètì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀bùn ni. Géètì náà wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tì í, àfi kí wọ́n fi èjìká gbé e sókè. Ọkọ Tíṣà fara dà á, nígbà tó sú u, ó pe wẹ́dà mìíràn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e ti ara ògiri níta. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà lọ kí wọn ló bá a níbẹ̀, nọ́ḿbà rẹ̀ kọjú sójò. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló dé. Tíṣà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó wọ́ lóòótọ́." Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà yí padà lẹ́nu géètì, kò sì dé ilé yẹn mọ́. Àwọn ọmọ Tíṣà dàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn lè bínú, ó lè fi ìbínú jókòó bí ẹni jókòó sórí àga.

Èmi fúnra mi rí géètì yẹn. Ó wọ́.

Ẹ wá rí i pé ohun tí Dókítà ń sọ, pé kó kàn lọ tẹ̀ka, ilé Tíṣà ló ń rán an lọ láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà sì ti pinnu pé kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, oníkálukú á ṣọdẹ ẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ó gba káàdì ẹ̀ lọ́wọ́ Dókítà, ó ní, "O ṣé, dókítà tí ń bẹ̀rù ọ̀bẹ." Ó wá yà sọ́dọ̀ mi.

Ó kí mi kú iṣẹ́, ó bi mí léèrè ọkọ, ó bi mí léèrè ọmọ. Ó yẹ kí n ti fura, torí ọkùnrin yìí kì í kí èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń rán apá ẹ̀wù kan tó le, mo ṣáà ń dá a lóhùn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́. Mo gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n ti wà nídìí tábìlì ìgéṣọ mi, ó dojú dé káàdì, sísọ́ọ̀sì mi wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Sísọ́ọ̀sì aṣọ mi!"

"Mo ti ṣe tán."

"Ẹ ti ṣe tán báwo? Ike lẹ fi ń gé! Àbí ẹ̀yin náà á gbà kí n fi ẹ̀rọ ìjórin yín dín ẹran?"

"Ìwọ náà, ṣé torí ike bíńtín báyìí?" Ó gbé káàdì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gé e dáadáa. Ọwọ́ tó ń gé irin láìfi ìwọ̀n sí i, ó gé e tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ó gba inú etí wúrà kọjá lápá méjì, ṣùgbọ́n wúrà ò ká. Mo bú u tán, mo tún fà á mọ́ra láti wò ó.

Ó gbé e wọ tírè kékeré tí wọ́n fi ń ti síìmù wọ fóònù. Ó fún. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ti tírè wọlé, tírè ò fẹ́ẹ́ wọlé tán, ó fi àtàǹpàkò tì í. Ó tan fóònù. A jọ ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lókè fóònù, igi kan, igi méjì, gbogbo ẹ̀ kún.

Ẹ wo ìgbéraga! Ó jáde síwájú pákó Dókítà, ó ń jó. "Dókítà, jáde wá wo òkú tó o ní kò ní jí!" Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí fóònù dún. Oníbàárà kan ló ń pè, ó ní géètì òun ò ṣeé tì. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà gbé ohùn sókè kí gbogbo títì lè gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni! Fóònù tuntun ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí! Ẹ sọ àdírẹ́sì." Oníyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àdírẹ́sì, ó dé àárín, ohùn já. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà wo fóònù. Ó kọ ọ́ sójú ẹ̀ gàdàgbà pé kò sí síìmù.

Ó gbọn fóònù, síìmù padà dé. Ó gbé e sétí, ó tún lọ. Ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó dé. Ó yọ ìka kúrò, ó lọ. Ijó ti tán nílẹ̀.

Dókítà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Ó gba fóònù, ó ní tírè ò jókòó dáadáa nítorí pé káàdì nípọn, bẹ́ẹ̀ ni tírè ọ̀hún ti há. Ó fi abẹ́rẹ́ tì í, kò jáde. Ó mú èmú kékeré, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń mí sókè mí sódò, títí ó fi yọ. Ó fi dígí wo inú fóònù. Eyín kan ti tẹ̀. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé e dìde, ó sì na káàdì padà sí i.

"Bàbá, orí yín gbọ́ tiyín. Káàdì ṣì wà láàyè, fóònù ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Ẹ jẹ́ kí n da orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ sì lọ gba tuntun."

"Nínípọn nìkan ni ò jẹ́ kó wọlé, àbí?"

"Nínípọn nìkan kọ́—"

"Nínípọn niṣẹ́ tèmi." Ó ti ń sọdá títì.

Dókítà pariwo tẹ̀ lé e. Ó ní ẹ̀yìn wúrà yẹn gan-an ni ọpọlọ káàdì wà, tó tín-ín-rín, tí nǹkan dúdú kan bò ó. Ó ní wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ amúnáwá Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ń ké lọ́wọ́. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti bá ọkùnrin yìí lára mu, etí rẹ̀ kì í tètè gbà á.

Láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń wò ó. Ó jókòó sórí páìpù, ó fi káàdì náà lé orí irin pẹlẹbẹ, ó dojú wúrà bolẹ̀, ó mú fáìlì tó kéré jù nínú gbogbo fáìlì ẹ̀, ó wá ń ha ẹ̀yìn ẹ̀. Kò fi agbára ha á o. Ó ń ha á, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń gbé e sójú. Eruku funfun ń bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo rí i tó dúró, tó wo ẹ̀yìn káàdì dáadáa. Ó sọ fún mi lẹ́yìnwá pé nǹkan dúdú kan ló yọ láàárín funfun, ó sì rò pé ìdọ̀tí fáìlì ni. Ó tún ha á díẹ̀ sí i kó lè kúrò.

Nígbà tó padà dé, káàdì wọ tírè wẹ́rẹ́, tírè wọ fóònù wẹ́rẹ́, kò sí ibi tó yọ síta. Ó rẹ́rìn-ín sí Dókítà. Fóònù ní kò sí síìmù. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò sí síìmù. Dókítà mú káàdì, ó fi sípírítì nù ún, ó fi sínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ike tó ń gbé káàdì kékeré, kò sí síìmù. Ó fi sínú òmíràn, òmíràn, gbogbo fóònù tó wà lórí tábìlì ẹ̀ ló fi dán an wò. Ó wá gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ó ti lọ."

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ní kó tún un ṣe. Dókítà ní èyí kò láàtúnṣe, ọpọlọ ló fọ́. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ní kó ṣáà tún un ṣe. Mo jáde láti pariwo lé e lórí nípa sísọ́ọ̀sì mi, mo rí ojú ẹ̀, mo padà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà padà sídìí iná ẹ̀. Ó ń jórin lọ, àmọ́ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń jó, òmíràn ò wọlé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dá ọkọ̀ dúró níwájú ọgbà ẹ̀, ó ní, "Háà, ẹ wà láyé! Mo pè yín pè yín, wọ́n ní nọ́ḿbà yín ò sí. Mo ní bóyá ẹ ti kú. Mo ti wá ẹlòmíì pè." Ó kí i pẹ̀lẹ́, ó wakọ̀ ẹ̀ lọ. Dókítà tún dá kún un nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà sọ fún un. Ó ní bí nọ́ḿbà bá dákẹ́ pẹ́, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbà á padà, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni náà lè jẹ́ aláta, ó lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Gbogbo géètì tó wà ládùúgbò á máa pe ọmọ ilé ìwé kó wá tún àwọn ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Kò kí mi, kò béèrè ọkọ.

"Aránṣọ, wàá bá mi délé Kékeré lọ́la."

Kékeré lorúkọ tó ń pe Tíṣà láti kékeré. Mo ti gbàgbé pé ó lè jáde lẹ́nu ẹ̀.

"Kí ni kí n wá sọ níbẹ̀?"

"Ìwọ ló lẹ́nu."

Òótọ́ ni, mo lẹ́nu. A lọ.

Ó yẹ kẹ́ ẹ rí i níwájú ilé àbúrò ẹ̀. Dípò kó kan géètì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo bí wẹ́dà kejì ṣe jó ìsàlẹ̀ ẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn la bá wá?" Mo kan géètì. Tíṣà ló ṣí i, bírò pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Orúnkún ẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé ó ń bínú, ìgbà tó rántí, ó tètè dìde, ó ní ká wọlé.

Ó gbé omi fún wa. Mo lanu, mo rò ó látòkèdélẹ̀, fóònù tó kó sómi, káàdì, sísọ́ọ̀sì mi, fáìlì, obìnrin tó rò pé ó ti kú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wa tẹ̀ka. Kò wojú mi rárá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé torí síìmù lẹ ṣe wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ò bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Mo fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò.

"Mi ò ní wá," ni Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà wí.

Yéè! Mo ní ó parí. Èmi ti ń wá báàgì mi. Tíṣà ò dìde. Ohùn ẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun, ẹ ò purọ́. Ọjọ́ tí èmi náà ò purọ́ fún yín, gbogbo ọdún yìí lẹ fi bá mi bínú. Àwọn ọmọ mi ń bi mí pé ta ni ọkùnrin inú fọ́tò. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n máa wí fún wọn?"

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ò ṣeé wò, gbogbo ẹ̀ àpá iná ni.

"Géètì yẹn wọ́. Kí n tó gbé e kúrò lọ́gbà ni mo ti mọ̀. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mo sì sọ fúnra mi pé tèmi ni, wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò lè ṣe fún oníbàárà, òun ni mo ṣe fún ìwọ. Ìgbà tó o wá sọ ọ́ jáde, ojú tì mí. Mo wá ń bínú."

Tíṣà fi etí aṣọ bojú. Èmi náà, ẹ má bi mí, omi dé sí mi lójú, mo wá ń wo àjà ilé. Tíṣà dìde wọ yàrá, ìgbà tó jáde, ó ti wọ bàtà, káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a tò, a tò, a dé iwájú. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga gbọ́ ẹjọ́ wa, ó wo káàdì tí wọ́n ti ha lẹ́yìn, ó wo Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ó gbé ẹ̀rín mì. Ó wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ, ó ní kí Tíṣà tẹ̀ka. Tíṣà tẹ̀ka, ẹ̀rọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin náà ṣẹ́ káàdì tuntun kúrò lára ike, ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́, ó wọ fóònù láìfún. Ó ní ká ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tó yá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ, ó sì fi fóònù ara ẹ̀ pe nọ́ḿbà géètì. Fóònù Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà dún.

Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ń tẹ ojú fóònù kiri, ó ń wá àwọn orúkọ. Kò sí ẹyọ kan. Ọmọbìnrin náà ní èyí tó wà lórí káàdì àtijọ́ ti bá a lọ, àfi kó máa tò wọ́n padà bí wọ́n bá ṣe ń pè. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà mi orí, kò jiyàn.

Ọmọbìnrin náà wá ní, "Mọ́mì, ṣé kí n kúkú gbé ìlà yìí sórúkọ bàbá? Ẹ̀yin méjèèjì ti wà níbí. Bí ìka ò bá ṣeé kà, ojú la ń yà báyìí. Bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á kàn wá fúnra wọn, wọn ò ní dà yín láàmú mọ́."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Èmi gan-an ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú Tíṣà wà lórí tábìlì.

"Ẹ bá wọn gbé e," ó ní. "Kí wọ́n lè sinmi."

"Fi í sílẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà wí.

"Bàbá, kò le rárá o. Ẹ kàn máa jókòó síbí, màá ya—"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀." Ohùn ẹ̀ le bó ṣe máa ń le, àwọn tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà yọjú wò. "Mo mọ ara mi, ọmọ mi. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, tá a sì tún ní gbólóhùn asọ̀ lọ́la, mi ò ní padà délé ẹ̀ mọ́ títí n ó fi kú."

Ọmọbìnrin náà wo Tíṣà. Tíṣà na ọwọ́, ó di apá ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú bí ọmọdé ṣe ń dì í mú lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ẹni tó kàn, a sì jáde síta, ọwọ́ Tíṣà ṣì wà níbẹ̀.